Ìṣẹ́jú 3 péré ni mo fi yan án, kí ló dé tó fi korò?

Àbíkẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Ìlànà tí mo kà ní kí n da kúmínì àti hóró kọriáńdà pọ̀ sínú páànù gbígbẹ, kí n yan wọ́n fún ìṣẹ́jú 3 láìfi epo sí i, kí n tó lọ̀ wọ́n. Mo fi aago sí i, mi ò kọjá ìṣẹ́jú 3. Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ tán, ó korò débi pé mo tutọ́. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé mo ṣì rí kọriáńdà tó dà bíi pé iná ò kàn án rárá. Ṣé kí n dín ìṣẹ́jú yẹn kù ni àbí kí n fi kún un?

---

Ọ̀gá-Páànù

Iná rẹ ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ parí. Fi iná kékeré yan án fún ìṣẹ́jú 10, kí o jókòó tì í. Èmi máa ń dúró títí èéfín funfun á fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé ó ti tó. Kánjúkánjú ló ń jó hóró.

---

Ìyá Olódó

Ọ̀gá-Páànù, rọra. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dáa, ìdajì yòókù ló máa ba hóró ẹlòmíì jẹ́. Tí èéfín bá ti yọ, ohun tó ń jó lo ń wò yẹn, kì í ṣe ohun tó ń jiná.

Àbíkẹ́yìn, má tíì fọwọ́ kan aago. Dá mi lóhùn ná. Irú páànù wo lo lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àbí èyí tó nípọn? Ṣé o ti gbé e kaná kí o tó da hóró sí i? Nígbà tí ìṣẹ́jú 3 pé, kí lo ṣe? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló jẹ mí lógún jù.

---

Àbíkẹ́yìn

Ẹ ṣeun mà. Páànù irin dúdú tó wúwo ni. Mo gbé e kaná fún bí ìṣẹ́jú 2 kí n tó da hóró sí i, iná náà ò pọ̀, ó wà láàárín. Nígbà tí aago dún, mo pa iná, mo sì lọ gbé bùlẹ́ńdà wá. Ẹnì kan pè mí lórí fóònù. A ò sọ̀rọ̀ pẹ́ ṣá, bí ìṣẹ́jú 4 tàbí 5.

---

Ìyá Olódó

Hẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ ló ti jó.

Ìṣẹ́jú 3 kọ́ lo fi yan hóró rẹ, ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 ni. Páànù irin tó nípọn kì í tutù lójú ẹsẹ̀. O pa iná tó wà lábẹ́ rẹ̀, o ò pa ooru tó wà nínú irin náà. Kúmínì sì tín-ín-rín, ó máa ń sùn gbalaja lórí irin, gbogbo ìhà rẹ̀ kan ló ń gba ooru lẹ́ẹ̀kan. Kọriáńdà ní tirẹ̀ rí róbótó, inú rẹ̀ ṣófo, ojú kan ṣoṣo ló fi ń kan irin, ó sì ń yí gbirigbiri. O da àwọn méjèèjì pọ̀, o fún wọn ní àkókò kan náà. Kúmínì ti jó tán kí kọriáńdà tó mọ̀ pé wọ́n dáná.

Nítorí náà má dín ìṣẹ́jú kù, má sì fi kún un. Ya wọ́n sọ́tọ̀, kí o sì gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí o tó tan iná rárá. Tí abọ́ ò bá sí níbẹ̀, o ò tíì múra láti yan nǹkan.

---

Ìkókó-Ìdáná

Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá! Kúmínì tèmi kò tilẹ̀ pé ìṣẹ́jú kan tó fi dúdú. Èyí tó ti wà ní lílọ̀ nínú agolo ni mo dà sínú páànù. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

---

Sánsán

Ìkókó, oníhóró ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe èyí tó ti di ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ò ní èèpo tó máa dáàbò bò ó, gbogbo ara rẹ̀ ló wà ní ìhòòhò lórí irin. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìsàlẹ̀ á ti jó, òkè ò sì ní mọ nǹkan kan. Kì í ṣe ayédèrú. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lo ní nílé, fi sínú epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí o sì da ohun olómi lé e kí ó tó jó. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, kì í ṣe èyí.

---

Ìkókó-Ìdáná

Áà, mo ti ju agolo náà nù 😩

---

Atọ́wò

Ẹ jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀. Kí ló dé tí a tilẹ̀ ń yan hóró? Gbogbo yín lẹ máa ń sọ pé "òórùn rẹ̀ kún gbogbo ilé." Ó dáa. Òórùn tó ti kún ilé ò sí nínú hóró mọ́. Ilé lẹ fi ṣe lóòórùn, kì í ṣe oúnjẹ. Èmi ti fi yíyan sílẹ̀ pátápátá. Mo máa ń lọ̀ ọ́ ní tútù, ó sì ń ta sánsán dáadáa.

---

Ọ̀gá-Páànù

Atọ́wò, ìwọ náà ti dé o. Ṣé gbogbo àgbà tó ń yan hóró láti ọjọ́ yìí wá ni ò gbọ́n?

---

Ìyá Olódó

Má bú u, Ọ̀gá-Páànù. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú páànù yẹn. Ìkínní ni pé epo olóòórùn tó wà nínú hóró máa ń bá ooru gòkè. Ìyẹn ni Atọ́wò ń sọ, àdánù sì ni lóòótọ́. Ó hàn jù lára kọriáńdà. Lọ kọriáńdà tútù kí o gbóòórùn rẹ̀, wàá gbọ́ nǹkan kan tó jọ èèpo ọsàn. Yan án pẹ́, ọsàn yẹn á lọ, kò sì ní padà wá.

Èkejì ni pé ooru máa ń ṣẹ̀dá òórùn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣúgà àti purotéènì inú hóró máa ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nígbà tí ooru bá pọ̀ tó, ohun kan náà tó ń sọ èèpo búrẹ́dì di pupa. Òórùn ẹ̀pà yíyan tí a máa ń gbọ́ lára kúmínì tó jiná, ibẹ̀ ló ti ń wá. Kò sí bí o ṣe lè lọ kúmínì tútù tí wàá fi rí i.

Pàṣípààrọ̀ ni yíyan jẹ́. O fi díẹ̀ nínú òórùn tútù ra òórùn yíyan. Lára kúmínì, èrè pọ̀ ju àdánù lọ. Lára kọriáńdà, mo máa ń dá a dúró ní kùtùkùtù. Tí mo bá fẹ́ kí òórùn ọsàn yẹn jáde nínú nǹkan tútù tí mi ò ní sè, mi ò kì í yan án rárá.

---

Atọ́wò

Mo gba ti kúmínì. Ti hóró ata dúdú ńkọ́? Mo yan án lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa la wúkọ́ títí a fi sá jáde.

---

Sánsán

Ata dúdú ò nílò yíyan lójú tèmi. Èmi kàn máa ń jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kó lè rọrùn láti lọ̀.

---

Ìyá Olódó

Èmi ń yan án o, àmọ́ díẹ̀. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí o má sì gbé orí lé páànù. Ti ata dúdú yìí, kálukú ló ní bó ṣe ń ṣe é.

---

Ọ̀gá-Páànù

Ẹ padà sórí iná kékeré tí mo sọ. Ìyá, ẹ ò tíì sọ ìdí tí ìṣẹ́jú 10 mi fi burú. Hóró mi kì í jó.

---

Ìyá Olódó

Kì í jó lóòótọ́. Ṣé ó ń jiná?

Wò ó báyìí. Hóró tó gbẹ lójú ṣì ní omi díẹ̀ nínú. Tó bá ti wọ páànù, omi yẹn ni ooru kọ́kọ́ ń bá jà. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń jáde, hóró ò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí nǹkan kan kì í fi í dà bí ẹni ń ṣẹlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Èèyàn á rò pé iná ò tó, á sì fi kún un. Bí omi bá ti tán báyìí, hóró á gbóná kíá, gbogbo nǹkan á sì ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30. Òórùn á yọ, àwọ̀ á yí, á sì jó tí o bá ń wo ibòmíì.

Pẹ̀lú iná kékeré rẹ yẹn, omi ń jáde, epo olóòórùn náà ń bá a jáde díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ò dé ibi tí òórùn yíyan ti ń bẹ̀rẹ̀. O san owó, o ò gbé ọjà. Ìyẹn gan-an ni àdánù tí Atọ́wò ń sọ.

Àti èéfín funfun tí o ń dúró dè, mo rò pé ooru omi lo ń rí. Ooru omi máa ń fẹ́lẹ́, á gòkè, á pòórá, kò sì ní ta ọ́ lójú. Èéfín tó ń jó máa ń rọ̀ mọ́ orí páànù, ó ń ta ọ̀fun. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ lo ń rí, ìwọ àti èmi ò jìnnà síra.

---

Ọ̀gá-Páànù

Kì í ta mí lójú. Ó lè jẹ́ ooru omi. Màá wò ó dáadáa lọ́la.

Ìṣẹ́jú 10 mi ṣì wà níbẹ̀ o.

---

Sánsán

Mo ní ìbéèrè tèmi. Páànù tí kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ ni mo ní, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú bo inú rẹ̀. Ṣé ó burú?

---

Ìyá Olódó

Má gbé e kaná ní òfìfo. Bí ooru rẹ̀ bá ti kọjá bíi 260 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ọ̀rá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, á máa tú afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Páànù tó ṣófo lórí iná ńlá sì lè tètè dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà máa ń pa ẹyẹ ọ̀sìn inú ilé. Ìwọ̀nba hóró inú páànù kò tó láti mú kó tutù. Páànù irin tàbí èyí tó ń dán láìní ọ̀rá ni kí o wá. Èyí tó ń dán sàn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí o lè rí àwọ̀ hóró. Nínú irin dúdú, hóró dúdú àti hóró pupa jọra lójú.

---

Àbíkẹ́yìn

Mo ti dé o. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárọ̀ yìí, mo sì ṣe é bí ẹni ṣe ìdánwò. Ẹ gbọ́.

Ṣíbí ìmutíì 3 kúmínì ni mo wọ̀n, mo pín in sí mẹ́ta. Páànù irin kan náà, iná àárín, mo sì jẹ́ kó tutù kí n tó ṣe èkejì. Mo to àwo funfun mẹ́ta sórí tábìlì.

Àkọ́kọ́, mo ń mi páànù láìdúró. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan kan, bí Ìyá ṣe wí. Mo ti fẹ́ fi kún iná, mo rántí. Lójijì òórùn kan lù mí nímú, ó dùn bí ẹ̀pà. Mo dà á sínú àwo lójú ẹsẹ̀. Aago ní ìṣẹ́jú 1 àti ààbọ̀.

Èkejì, mo jẹ́ kó kọjá òórùn yẹn, mo ń kà á títí ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ fi pé. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn kan ti ní ẹnu dúdú.

Ẹ̀kẹta, mo pa iná níbi òórùn àkọ́kọ́ yẹn gan-an, mo sì fi í sílẹ̀ nínú páànù fún ìṣẹ́jú 5 bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí.

Nígbà tí mo wò wọ́n lórí àwo funfun, ẹ̀kẹta dúdú ju èkejì lọ! Èyí tí mo pa iná fún ló jó jù. Mo jẹ hóró kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ dùn, ó fọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ léyín. Èkejì dùn níbẹ̀rẹ̀, ó wá korò díẹ̀ ní ìkẹyìn. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ tí mo tutọ́ lọ́jọ́ náà.

---

Ìyá Olódó

O káre! Ohun tí o ṣe ní ìkẹyìn yẹn, kó di àṣà rẹ. Jẹ hóró kan kí o tó lọ̀ ọ́. Ìkorò tó bá ti wọlé kò ṣeé yọ, kódà bí o bá pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Tó bá jẹ́ hóró mẹ́ta mẹ́rin ló dúdú, ṣà wọ́n kúrò lórí àwo. Tó bá pọ̀, dà á nù, tún un ṣe.

Fífọ́ tó fọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn náà ní ìtumọ̀. Mú hóró kan tó ti tutù, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò tíì yan á tẹ̀, á máa lọ́. Èyí tó ti jiná á fọ́. Ẹni tó ń lo ọlọ tàbí odó bíi tèmi á mọ èrè rẹ̀ lápá.

---

Sánsán

Ìyá, ẹ ní "tó ti tutù." Èmi máa ń lọ̀ ọ́ ní gbígbóná kí òórùn má baà lọ.

---

Ìyá Olódó

Ṣí ìdérí bùlẹ́ńdà rẹ lẹ́yìn náà, kí o fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó tutù rinrin, àbí? Ooru omi tó ṣẹ́kù nínú hóró ló ń di ìkán omi lára ìdérí, tó ń kán padà sínú ìyẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tó fi ń dì mọ́ ara, tí kì í sì í pẹ́ nínú ìgò. Tẹ́ ẹ sórí àwo fún ìṣẹ́jú 10, má kó o jọ gègèrè, má sì bò ó.

Yànmọ̀tí le ju ìyẹn lọ. Epo inú rẹ̀ pọ̀. Bí o bá lọ̀ ọ́ ní gbígbóná, lẹ́ẹ̀ ni yóò dà. Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀ lo ń wá, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, jẹ́ kó tutù pátápátá, kí o sì máa tẹ bọ́tìnì ní ìdákúrekú, má jẹ́ kí ẹ̀rọ yí lọ láìdúró.

---

Ìkókó-Ìdáná

Yànmọ̀tí tèmi ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún tó kọjá, ó ń rùn bí epo àtijọ́. Tí mo bá yan án, ṣé òórùn yẹn á lọ?

---

Ìyá Olódó

Kò ní lọ, ọmọ mi. Epo inú rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Iná ò lè tún un ṣe. Èyí gan-an ló yẹ kí o jù nù, kì í ṣe agolo kúmínì ọjọ́sí.

---

Atọ́wò

Ibi tí mo ṣì dúró sí nìyí. Ká ní mo fẹ́ lọ kúmínì, tí màá sì dín ìyẹ̀fun náà nínú epo gbígbóná lẹ́yìn náà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yan án yẹn? Epo á kúkú ṣe iṣẹ́ náà.

---

Sánsán

Epo ò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyẹ̀fun kì í pẹ́ nínú epo kó tó jó, kò sí àyè fún òórùn yíyan láti jáde. Èmi máa ń ṣe méjèèjì.

---

Ìyá Olódó

Èmi kì í ṣe méjèèjì. Bí yóò bá wọ epo gbígbóná, mo máa ń fi hóró odindi sínú epo, kò ní kan páànù gbígbẹ rárá. Bí yóò bá jẹ́ ohun tí a máa bu wọ́n oúnjẹ ní ìkẹyìn, tí kò ní rí iná mọ́, ìgbà yẹn ni mo máa ń yan án. Àmọ́ ọ̀nà Sánsán kì í ṣe ìtìjú. Mo ti jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó dùn.

---

Ọ̀gá-Páànù

Mo ti wò ó. Ooru omi ni. Mo gbé iná sí àárín, ìṣẹ́jú 2 ó dín díẹ̀ ni òórùn yọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Àbíkẹ́yìn

😂 Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́.

Kọriáńdà ni mo fẹ́ ṣe báyìí, òun nìkan. Ìyá, nígbà wo ni mo máa dà á jáde?

---

Ìyá Olódó

Bí o bá ti gbọ́ ọ tó dún pá nígbà àkọ́kọ́, tí òórùn ọsàn yẹn sì ṣì wà níbẹ̀, dà á. Ó lè pé ìṣẹ́jú 2, ó lè kọjá díẹ̀. Pa fóònù ná o.